"Títà" ni ká kọ síbẹ̀, àbí "ìjáde"?

Ọmọ Alátẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìyá mi ń ta síìpù, bọ́tìnnì, òwú àti abẹ́rẹ́ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Mo ń fi Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì ṣe ìwé ọjà fún wọn, Yorùbá ni mo sì fẹ́ kọ sórí òpó kọ̀ọ̀kan. Kí ni ká kọ sórí òpó tó ń sọ iye tó ti kúrò lórí àtẹ? Mo kọ "títà", wọ́n ní irọ́ ni.

Bàbá Atúmọ̀: "Títà" náà ló tọ̀nà, ọmọ mi. Ohun tí kò sí lórí àtẹ mọ́, ṣebí wọ́n ti tà á ni. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ "sítọ́ọ̀kù" tí gbogbo yín ń pè kiri. "Àṣẹ́kù" wà nílẹ̀. Òpó mẹ́ta péré: àkówọlé, títà, àṣẹ́kù. Ó parí.

Akọ̀wé Sítọ́ọ̀: Bàbá, mo gba "àkówọlé" lọ́wọ́ yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí "títà", ìyá ló jàre. Ẹni tó ń ta bọ́tìnnì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò lè máa ṣí kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá yọwó. Bó bá gbìyànjú ẹ̀, kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta tí yóò fi pa á tì. Ohun tó lè ṣe ni kó ka ọjà nírọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tó bá ń palẹ̀ mọ́. Kó mú iye tó kà ní Sátidé tó kọjá, kó ro iye tó rà mọ́ ọn, kó yọ iye tó kà lónìí kúrò. Ìwé náà ò rí títà rárá, ó kàn mọ̀ pé ọjà ò sí níbẹ̀ mọ́ ni. "Ìjáde" ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.

Mo ti bá obìnrin kan ṣe é ní Láfẹ́nwá. Ó ka síìpù dúdú, ó jẹ́ 46. Ó ra dọ́sìnnì márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé kejì, ó ka 71. Orúkọ ọjà wà ní A, iye tó kà tẹ́lẹ̀ ní B, iye ìdì tó rà ní C, ẹyọ tó wà nínú ìdì kan ní D, iye tó kà lónìí ní E. F la kọ èyí sí:

```
=B2+C2*D2-E2
```

Ó gbé 35 jáde. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, kó máa ju owó síìpù dúdú sínú agolo ọ̀tọ̀. 200 náírà ni ẹyọ kan, 6,000 la bá nínú agolo. 30 ló tà nìyẹn. Márùn-ún yòókù ńkọ́? Ó rántí pé télọ̀ kan gba mẹ́ta láwìn. Méjì tó kù, a ò mọ ibi tí wọ́n wọlé sí dòní. Ká ní "títà" la kọ sórí F ni, à bá máa bi ọmọ tó ń bá a tajà léèrè 1,000 náírà, bẹ́ẹ̀ 600 níbẹ̀ wà lọ́wọ́ télọ̀.

Ẹ má fojú kéré òpó D yẹn o. Nígbà tá a kọ́kọ́ ṣe ìwé náà, kò sí níbẹ̀. Dọ́sìnnì márùn-ún ló rà, ó bá kọ 5, ni F bá di -20. Bí àmì ìyọkúrò bá ti yọjú níbẹ̀, ẹnì kan ti da ìdì pọ̀ mọ́ ẹyọ, tàbí ó gbàgbé láti kọ ohun tó rà.

Ìyá Eléèlùbọ́: Láfún lèmi ń tà ní tèmi, kóńgò ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Àpò tó pé lónìí lè dín kóńgò kan bí mo bá tún un wọ̀n lọ́la. Ṣé ìyẹn náà jáde ni? Àwọn onígbèsè mi ńkọ́, òpó wo ni orúkọ wọn máa wà?

Akọ̀wé Sítọ́ọ̀: Ìyá wa, ìwé onígbèsè lọ́tọ̀ o. Ti láfún, ìwé yìí ò bá a mu dáadáa, torí síìpù ṣe é kà, láfún ò ṣe é kà. Àpò tẹ́ ẹ ò tíì ṣí ni kẹ́ ẹ máa kà.

Bàbá Atúmọ̀: Ó dáa, mo ti fi "títà" sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí èèyàn ń gbà jáde ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ "ìjáde". "Ohun tó lọ" ńkọ́? Kẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn sórí orúkọ ọjà gbogbo, ẹ jọ̀ọ́.

Akọ̀wé Sítọ́ọ̀: Orí òpó, ẹ fi àmì sí i bó ṣe wù yín. Orúkọ ọjà tó wà ní A ni mo ń bẹ̀rù. Bí ìyá bá kọ "síìpù" lọ́sẹ̀ yìí, tí ọmọ kọ "siipu" lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjà méjì ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí, àròpọ̀ oṣù á sì fo ọ̀kan. Àbúrò, kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan. Bí Sátidé bá dé, ṣe ẹ̀dà ojú ìwé náà, kó o gbé iye E àtijọ́ sí B.

Ọmọ Alátẹ: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka "ohun tó lọ" sétí màmá. Wọ́n ní, "Lọ síbo?" Wọ́n ní "èyí tí ò sí mọ́" làwọn ń pè é látọjọ́. Òun ni mo kọ sórí F báyìí, mo kàn ní láti fa òpó náà fẹ̀ sí i ni.