Firíísà ₦150,000 lórí Insitágíráàmù: àbúrò mi ti sanwó, wọ́n tún ń béèrè owó míì

Màmá Tóbi, Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi obìnrin tó ń ta ẹja dídì ní Ẹdẹ ń wá firíísà. Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti kọ́kọ́ béèrè níbí, ₦385,000 ni wọ́n pè é, wọn ò sì gbà láti dín ju ₦10,000 lọ. Ló bá rí irú rẹ̀ gan-an lórí Insitágíráàmù ní ₦150,000. Wọ́n ní ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi pọ́ọ́kú. Àwọn tó ń tẹ̀lé wọn lé ní 40,000, wọ́n fi ìwé CAC hàn án, wọ́n sì fi fídíò àwọn oníbàárà tó ń dúpẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán òní ló san gbogbo owó náà. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ẹnì kan pè é pé òun ni awakọ̀ tó ń gbé ẹrù bọ̀, pé wọ́n dá òun dúró ní Ṣàgámù, kó fi ₦28,500 ránṣẹ́ fún ìwé àṣẹ, wọ́n á dá a padà fún un tí ẹrù bá délé. Àkántì tí wọ́n ní kó san eléyìí sí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó ti fẹ́ san án, èmi ni mo ní kó dúró ná. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé jìbìtì ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ₦150,000 yẹn ṣì lè padà?

Alhaji Ràṣídì

Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Tóbi. Láàárín wákàtí 24 owó náà á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mí lóṣù tó kọjá: ₦40,000 kúrò lórí àkántì mi, ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí ò rí nǹkan kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo rí álátì. Kí ó ṣáà tẹ kóòdù tí wọ́n fi ń ti àkántì pa, kí àwọn olè náà má baà rí owó náà gbà.

Fọlákẹ́ A.

Alhaji, ẹ má bínú sà, ti yín yàtọ̀ sí tiwọn. Owó yín ò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan, ojú ọ̀nà ló há sí, ìdí nìyẹn tó fi padà fúnra rẹ̀. Ti àbúrò Màmá Tóbi ti wọlé sápò ẹni tó gbà á, kò sí ohun tó máa dá a padà tí ẹnikẹ́ni ò bá gbé ìgbésẹ̀. Kóòdù yẹn náà, àkántì tiwa fúnra wa ló ń tì. Ó wúlò tí wọ́n bá jí fóònù wa tàbí tí a bá sọ nọ́ńbà àṣírí wa fún wọn, àmọ́ kò kan àkántì olè rárá.

Màmá Tóbi, jìbìtì ni mà, ẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún un. Mo ti jókòó sí ìdí àwọn ẹ̀sùn báyìí ní báńkì rí, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ní ìrọ̀lẹ́ yìí rèé: kí àbúrò yín pe báńkì tiẹ̀ báyìí báyìí, kó ní ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ jìbìtì lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. CBN ti pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru. Kó má kàn sọ pé “ẹ bá mi dá owó mi padà”, torí wọ́n á ní òun fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, òótọ́ sì ni. Kó sọ pé: “Wọ́n lù mí ní jìbìtì, ẹ kàn sí báńkì tó gba owó náà, kí wọ́n de ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àkántì yẹn.” Wọ́n á béèrè iye owó, aago tó fi ránṣẹ́, nọ́ńbà àkántì tó gbà á, àti Session ID. Ó wà lórí rìsíìtì inú áàpù báńkì rẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan ni, ẹyọ nọ́ńbà 30 ló wà nínú rẹ̀. Òun ni báńkì méjèèjì fi ń mọ̀ pé owó kan náà làwọn ń sọ.

Kó tún pe báńkì tó gba owó náà. Wọn ò ní sọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni fún un, àmọ́ ó lè jẹ́ kí wọ́n tètè gbọ́. Ìdí tí mo fi ń sáré ni pé owó irú èyí kì í sùn. Láàárín wákàtí kan wọ́n lè ti pín in sí àkántì mẹ́ta, kí wọ́n sì gba ìyókù lọ́wọ́ oní-POS. Ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ nìkan ni báńkì lè dè. Èyí tó ti jáde ti di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn.

Dókítà Owó

Màmá ẹ má sunkún mọ́, ọ̀gá mi kan wà tó máa ń wọ inú àkántì gba owó padà, wọ́n gba ti ìyàwó mi. ₦10,000 péré ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì.

Alábòójútó

Mo ti yọ ọ̀gbẹ́ni tó wà lókè yìí kúrò. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ilé rí i. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní jìbìtì làwọn wọ̀nyí ń ṣọ́. Màmá Tóbi, bí wọ́n bá kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ má dáhùn.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìwó Road

Ẹ jọ̀wọ́, firíísà yẹn, ṣé ó máa ń di yìnyín mú títí ilẹ̀ á fi mọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ? Èmi náà ń wá ọ̀kan o.

Wálé Oníkọ̀ǹpútà

Ìyá wa, kò sí firíísà kankan níbẹ̀ mà 😂

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Màmá Tóbi fi orúkọ ojú-ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá dé ojú-ìwé ẹnikẹ́ni lórí Insitágíráàmù, ẹ tẹ àwọn tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ ó rí About this account. Ibẹ̀ ló ti ń sọ oṣù tí wọ́n ṣí i, orílẹ̀-èdè tó wà, àti iye ìgbà tó ti pa orúkọ dà. Eléyìí ti pa orúkọ dà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó hàn pé wọ́n ra ojú-ìwé ẹlòmíì tó ti ní èrò lẹ́yìn ni, torí nígbà tí mo sáré lọ sísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán àtijọ́ ń yin irun àti aṣọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ firíísà. Lábẹ́ ti tuntun, wọ́n ti ti ibi tí èèyàn ti lè kọ̀rọ̀ pa. Ẹni tó ń tajà tòótọ́, kí ló dé tí kò fẹ́ kí oníbàárà sọ̀rọ̀?

Mo gbé àwòrán firíísà náà sí Google Lens. Ó wà lójú-ìwé àwọn ṣọ́ọ̀bù mélòó kan, kódà aṣọ tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò yàtọ̀.

Àmọ́ ká ní mi ò lè ṣe gbogbo ìyẹn, àkántì nìkan ti tó. Màmá Tóbi sọ fún mi pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí ìwé CAC. Nígbà tí àbúrò wọn tẹ nọ́ńbà àkántì, orúkọ ọmọbìnrin kan ló jáde. Wọ́n ní akọ̀wé owó wọn ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì sì tún jẹ́ ti ọkùnrin kan. Ilé iṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lè ṣí àkántì lórúkọ ara rẹ̀. Ìwé CAC sì rèé, èèyàn lè gbé ti ilé iṣẹ́ míì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó máa fi hàn kiri. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́ pàápàá lè jẹ́ olè.

Ti kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n ní ojú-ìwé tiwọn tí wọ́n ti ń ta ọjà tí wọ́n bá gbà, àpò ìjọba lowó sì ń wọ̀. Wọn kì í fi Wáásáàpù dúnàádúrà.

Bùsọ́lá

Èmi ò sanwó kí ọjà tó dé mọ́, ó parí. Ẹ gbé e wá, kí n rí i, kí n sanwó.

Wálé Oníkọ̀ǹpútà

Ó dáa, àmọ́ kí ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tú páálí kí owó tó jáde. Oníbàárà mi kan sanwó fún ọlọ́kadà tó ní òun ò láṣẹ láti jẹ́ kí wọ́n tú u. Táìsì ilẹ̀ méjì ló wà nínú páálí láàpútọ́ọ̀pù. Ọlọ́kadà náà ò kúkú mọ nǹkan kan, wọ́n gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ni.

Màmá Tóbi, Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa. A pe báńkì ní kété tí Àǹtí Fọlákẹ́ kọ̀wé. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, wọ́n sì pè padà lálẹ́ pé ₦43,000 làwọn bá níbẹ̀, àwọn ti dè é. Ìyókù ti lọ. Wọ́n ní kí a mú ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra kóòtù wá. Níbo la ti máa rí ìwé ìbúra? Ṣé kí n tún kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà?

Fọlákẹ́ A.

Ẹ dúpẹ́ pé wọ́n bá nǹkan níbẹ̀. Ní ọ́fíìsì kóòtù, Májísíréètì tàbí Háí Kọ́ọ̀tù, ẹ ní ìwé ìbúra lẹ fẹ́ ṣe. Kí àbúrò yín lọ fúnra rẹ̀, torí òun ló máa búra. Wíwà ní dídè kò tíì sọ ₦43,000 yẹn di tiyín o. Báńkì lè ní àwọn ò ní yọ ọ́ láìjẹ́ pé oníàkántì gbà tàbí kóòtù pàṣẹ, ó sì lè pẹ́.

FCCPC dára fún ṣọ́ọ̀bù tó wà lóòótọ́ tó kọ̀ tí kò gbé ọjà wá. Irú èyí, EFCC ni, tàbí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, NPF-NCCC. EFCC ní ọ́fíìsì ní Ìyágankú, Ìbàdàn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá. Kí àbúrò yín má pa ọ̀rọ̀ Wáásáàpù yẹn rẹ́, kó má sì bú wọn. Kó kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo rẹ̀, kí nọ́ńbà wọn hàn níbẹ̀, torí tí wọ́n bá ti fura, wọ́n á dínà mọ́ ọn.

Màmá Tóbi, Òṣogbo

Ọjọ́ Jímọ̀ rèé, mo ní kí n padà wá sọ fún yín. Ọlọ́pàá tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pe àbúrò mi, wọ́n ti rí oníàkántì àkọ́kọ́. Ọmọ ilé ìwé ni, ní Ìlọrin. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ní kí òun yá a ní àkántì, ó fún òun ní ₦5,000, òun ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwọn òbí rẹ̀ ti ń bẹ̀ wá: wọ́n á san ₦60,000 lé ₦43,000 yẹn, kí a bá wọn fa ẹjọ́ yọ. Àbúrò mi fẹ́ gbà á. Àánú ọmọ náà ń ṣe é.

Alhaji Ràṣídì

Kó gbà á o. ₦103,000 tó wà lọ́wọ́ sàn ju ₦150,000 tí kóòtù máa fi ọdún méjì wá. Ọmọ ọlọ́mọ ni.

Wálé Oníkọ̀ǹpútà

Ọmọ ọlọ́mọ tó gba ₦5,000! Tí gbogbo wọn bá ń san díẹ̀ padà tí wọ́n sì ń lọ, ta ló máa dárúkọ ọ̀rẹ́ yẹn?

Fọlákẹ́ A.

Ẹ lè gbà á, Màmá Tóbi, àmọ́ kó gba báńkì wá, kì í ṣe owó lọ́wọ́ nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé apá kan gbèsè ni. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó bá ní ẹjọ́ ti tán nígbà tí ₦47,000 ṣì wà níta. Ẹ bi ọlọ́pàá bóyá ọmọ náà ti sọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tó ṣe. Tí kò bá tíì sọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n dúró díẹ̀.