Àdìrẹ àbí àtúnṣe fóònù: èwo ni kí n fi ìkànnì mi ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òṣogbo ni mo wà, mo fẹ́ dá ìkànnì sílẹ̀ lórí YouTube. Àtúnṣe fóònù ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló wà lọ́kàn mi. Aláró ni ìyá mi.

Mo wá méjèèjì wò. Ti fóònù, àwọn ìkànnì ńláńlá ló gba òkè pátá. Ti àdìrẹ, mo rí ìkànnì kékeré kan tí àwọn tó wo fídíò rẹ̀ fi ìlọ́po púpọ̀ ju àwọn tó ń tẹ̀ lé e lọ. Ó jọ pé èèyàn ń wá a, olùkọ́ ni ò pọ̀. Àmọ́ fídíò kan ṣoṣo ló rìn bẹ́ẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ oríire lásán. Mo wá ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀: báwo ni ẹ̀kọ ṣe ń ki tó, kí ló dé tí aró ń ṣí lẹ́yìn fífọ̀? Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ìyá mi mọ ìdáhùn ọ̀hún lórí!

Ṣé kí n gbájú mọ́ ìṣòro aró nìkan, àbí ó ti há jù? Tí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, ṣé àwọn tó ń wá a kò ní dín kù?