Ẹ̀fẹ̀ tó dùn lẹ́nu, tó wá dà bíi lẹ́tà ìjọba nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Àbíkẹ́yìn Aláṣọ: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. À ń ṣètò ìsìnkú màmá wa àgbà, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé wọn sínú ìwé ètò. Ẹni tó bá mọ Màmá mọ̀ pé ẹnu wọn mú ju abẹ lọ, wọ́n ta aṣọ lọ́jà títí wọ́n fi darúgbó, kò sí oníbàárà tí wọn ò fún ní tiẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ tíṣà wá gbà á pé òun fẹ́ tún un ṣe, ìgbà tó máa padà dé ó ti di "Màmá jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ àti ọlọ́yàyà èèyàn tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà." Ta nìyẹn? Òkú ta la fẹ́ sin gan-an? Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí kó sọ bó ṣe ṣe é.

Bọ̀dá Wáyà: Onírẹ̀lẹ̀ kẹ̀ 😂 Gbogbo ìwé ètò ìsìnkú ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn burúkú ò kú rí nílẹ̀ Yorùbá.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Tèmi kì í ṣe ìwé ìsìnkú o, wọ́ọ̀sáàpù ni. Àbúrò ọkọ mi wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa, kì í gbálẹ̀, kì í fọ abọ́, á jẹun tán á na ẹsẹ̀ sórí àga. Mo wá fi ohùn mi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ilé, mo ní "ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ rọra máa sinmi kó má lọ di àìsàn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, òun gan-an rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ò gbọ́ ohun tí mo sọ dáadáa torí etí wọn, ọkọ mi wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, ó kàn kọ ọ́ pé "ó ní kó máa sinmi, pé iṣẹ́ tó ń ṣe ti pọ̀ jù." Màmá pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti dúpẹ́ pé mò ń tọ́jú ọmọ àwọn. Wọ́n gbàdúrà fún mi, mo ń ṣe àmín.

Bọ̀dá Wáyà: Àdúrà ọ̀fẹ́, kí lẹ tún ń fẹ́

Alága Ìdúró: Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá ní ẹ̀fẹ̀ tuntun tí mo lè lò níbi ìdána ní Sátidé kó fi ránṣẹ́, àwọn tèmi ti gbó, àwọn èèyàn ti ń bá mi parí ẹ.

Akọ̀wé Eré: Ìyá Ìbejì ti fọwọ́ kan ibi tó ń dun èèyàn. Mo kọ eré rẹ́díò títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo rí ni pé téèyàn bá sọ "ẹ kú iṣẹ́" fún ọ̀lẹ, ohùn ló ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn. Ó pòṣé ṣáájú, ó fa "iṣẹ́" gùn, ó gbójú sókè. Tó bá dórí ìwé, gbogbo ìyẹn ti lọ, ìkíni ló kù. Ohun tó lè rọ́pò ohùn ni kẹ́ni tó ń kà á ti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kí ẹlẹ́nu mímú tó la ẹnu. Ẹ sọ ti abọ́ tó kún sínńkì àti ẹsẹ̀ orí àga fún un ná, láì dá sí i, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kí ọmọ náà kú iṣẹ́. Kò ní sẹ́ni tó máa gbàdúrà fún yín. Ohun kejì ni "ẹ" yẹn. Ọmọ kékeré lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ bíi kábíyèsí, ìyẹn nìkan ti tó láti fi bú u. Ọkọ yín ti yí i sí "ó ní kó", eyín ti bọ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ìyàwó Àárọ̀: Sà, ẹ má bínú o, èmi ò gba ti "ẹ" yẹn. Àbúrò ọkọ ni. Nílé tèmi, bó ṣe kéré tó, ọkọ mi ni, "ẹ" ni mo sì ń pè é lójoojúmọ́, kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Tí mo bá kọ ọ́ báyìí àwọn ará ilé ọkọ mi máa rò pé ìwà rere ni.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Wọn ò tíì bí tèmi nígbà tí mo wọlé! Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. "Ìwọ" ni mò ń pè é láti kékeré, ọjọ́ tí mo bá pè é ní "ẹ" ó mọ̀ pé ilé ti gbóná.

Ìyàwó Àárọ̀: Ẹ̀ẹ̀n, ẹ ò sọ ìyẹn. Ìyẹn yàtọ̀.

Akọ̀wé Eré: Ẹ ṣé gan-an. Kò sí "ẹ" tó ń bú èèyàn fúnra ẹ̀, ó dìgbà tẹ́ni tó ń kà á bá mọ ohun tí wọ́n ń pe ara wọn tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn kan ni: "ọmọ tí mo wẹ̀." Kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ó parí.

Ṣẹ́gilọlá: Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí, ẹ kọ "Màmá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé" síwájú ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi àmì ẹ̀rín sí i. Gbogbo èèyàn á mọ̀.

Bọ̀dá Wáyà: Àmì ẹ̀rín nínú ìwé ètò ìsìnkú. Pásítọ̀ á wá kà á pé "hahaha, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Akọ̀wé Eré: Ti àmì ẹ̀rín dáa fún fóònù, mi ò jiyàn, ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìjà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti sọ pé yẹ̀yẹ́ ń bọ̀, ẹ ti bá ẹni tó ń kà á rín ẹ̀rín ẹ̀ tán. Àbíkẹ́yìn, fún wa ní ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Màmá ká wò ó.

Àbíkẹ́yìn Aláṣọ: Ó dáa. Ọkùnrin kan ra aṣọ láwìn lọ́wọ́ wọn, ó wá ń gba ẹ̀yìn ọjà kó má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, Màmá sáré jáde, wọ́n kúnlẹ̀ fún un láàárín ọjà, wọ́n ní "Haà, Bọ̀dá, ẹ ṣì wà láyé! Mo ti ń sunkún yín. Mo ti ní káwọn ọmọ fi owó yẹn sílẹ̀, òkú là ń sin, a kì í sin òkú lówó." Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ rèé: "Màmá máa ń fi sùúrù àti ọ̀rọ̀ ìtùnú rán àwọn oníbàárà létí láti san gbèsè wọn." Nígbà tí mo pariwo, ó tún un kọ: "Màmá fi àwàdà sọ fún un pé òun rò pé ó ti kú, nítorí náà òun kò ní béèrè owó mọ́."

Ìyàwó Àárọ̀: Ọ̀rọ̀ ìtùnú 😭

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: A kì í sin òkú lówó!!! Mo ti gbé e.

Akọ̀wé Eré: Èkejì tẹ́ ẹ̀gbọ́n yín kọ burú ju àkọ́kọ́ lọ. Àkọ́kọ́ tiẹ̀ gbé ẹ̀fẹ̀ náà pamọ́, èkejì gbé òkú ẹ̀ síta. Ẹ wò ó, ó yọ "sin" ó fi "béèrè" sí i. Orí "sin" yẹn ni gbogbo nǹkan dúró lé, torí a máa ń sin òkú, a sì máa ń sin onígbèsè lówó. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi rọ́pò ẹ̀. Ó tún yọ ẹnu Màmá, ó fi "sọ fún un pé" sí i, ìyẹn ni pé òun ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Màmá. Ká ní èmi ni, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

"Ọkùnrin kan tí Màmá lè bí jẹ wọ́n lówó aṣọ, ó wá sọ ẹ̀yìn ọjà dọ̀nà. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, Màmá kúnlẹ̀ fún un. 'Haà, Bọ̀dá, ẹ ṣì wà láyé! Mo ti ní káwọn ọmọ fi owó yẹn sílẹ̀. Òkú là ń sin, a kì í sin òkú lówó.'"

"Tí Màmá lè bí" ni mo fi kún un, torí ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí wọn á rò pé ìkúnlẹ̀ yẹn àti "Bọ̀dá" jẹ́ ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn "lówó" ẹ má kọ nǹkan kan mọ́. Ẹ má ní gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹ bọ́ sí ìpínrọ̀ míì.

Bọ̀dá Wáyà: Kí ló dé tẹ́ ẹ yọ "mo ti ń sunkún yín"? Ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù.

Akọ̀wé Eré: Ó dùn, òun ni wàhálà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín síbẹ̀, ẹ̀rín á ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òkú.

Bọ̀dá Wáyà: Mi ò gbà. Màmá ló sọ ọ́, ẹnu Màmá ni, ẹ ò lè máa gé e bí ẹran. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín yín àti ẹ̀gbọ́n tíṣà yẹn?

Ìyàwó Àárọ̀: Ó bá yín o sà

Kọ́lápọ̀ Àmì Ohùn: Ohun tó ń pa ẹ̀fẹ̀ ni àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ká máa fi àmì sí i, gbogbo ẹ̀ á yé èèyàn.

Bọ̀dá Wáyà: Àmì ń pa òmíràn náà. Obìnrin kan kọ ọ́ láìfi àmì sí i pé "Oko mi ti baje lona Ibadan, mo n wa eni to maa ba mi ti i." Bóyá ọkọ̀ ni, bóyá ọkọ ni, àwọn èèyàn jà sí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Fi àmì sí i kó o wò ó bóyá ẹnì kan á rẹ́rìn-ín.

Kọ́lápọ̀ Àmì Ohùn: Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ìwé kíkọ burúkú ni.

Akọ̀wé Eré: "Sin" méjèèjì Màmá, ohùn kan náà ni wọ́n ní, ẹ fi àmì sí i, ẹ má fi sí i, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ: Lọ́dọ̀ tiwa, òru tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán ni olórin tó ń bojú, tá à ń pè ní Ẹ̀fẹ̀, máa ń jáde, ó sì máa ń fi orin bú ìwà tí kò dáa. Bó ṣe rí ní Kétu náà nìyẹn, UNESCO pàápàá ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá aráyé ní 2001. Ó lè má dárúkọ ẹni tó ń bú, á kàn sọ ohun tẹ́ni náà ṣe, á sọ ilẹ̀kùn tó bá jáde, gbogbo ìlú á ti mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dìde pé òun ni torí ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Àbíkẹ́yìn, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rò nìyẹn. Ṣé ọkùnrin aláwìn yẹn ṣì wà láyé?

Àbíkẹ́yìn Aláṣọ: Ó wà o. Ó ti di bàbá ìjọ. Òun ló máa ka Bíbélì lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Yéèè

Ìyàwó Àárọ̀: Nítorí ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú! Ẹ ti ń bú tíṣà látàárọ̀.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ: Ẹ yọ "ẹ̀yìn ọjà" kúrò nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fi "ó ń sá fún wọn" síbẹ̀.

Akọ̀wé Eré: Tẹ́ ẹ bá yọ ẹ̀yìn ọjà, ẹ ò tíì pa á, ṣùgbọ́n ó máa rọ̀. "Ó ń sá fún wọn" ò ṣe é fojú rí.

Bọ̀dá Wáyà: Gbogbo èyí tẹ́ ẹ ń sọ, ṣé bàbá ìjọ ti san owó náà?

Àbíkẹ́yìn Aláṣọ: Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má béèrè.

Alága Ìdúró: Ẹ ṣé gan-an o, mo ti kọ "òkú là ń sin" sílẹ̀, òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé.

Ìyàwó Àárọ̀: Níbi ìdána??