"Ẹ̀wọ̀n agbára" ni àbí "ìtàtaré"? Ohun tó ń ti ẹsẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ń ju ọ̀kọ̀

Atúmọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń tú ìwé kékeré kan fún àwọn olùkọ́ eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama, orí tó sọ̀rọ̀ nípa jíju ọ̀kọ̀ ló dá mi dúró. Ohun tí wọ́n ń pè ní kìnẹ́tíìkì ṣéènì, "ẹ̀wọ̀n agbára" ni mo kọ. Olóòtú mi ní ó dà bíi pé wọ́n ti agbára mọ́lé. Ṣé "ìtàtaré agbára" ni kí n pè é ni, bí ìgbà tí èèyàn ń ta bọ́ọ̀lù látaré, àbí kí ni? Ẹ sì jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni ipá ń ti ẹsẹ̀ rìn dé ọwọ́, àbí àsọdùn àwọn eléré ìdárayá ni?

Kọ́ọ̀ṣì Àgbà:
Kí ẹ tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú ọmọ náà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti sáré bọ̀, apá rẹ̀ nà sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ wà nípele etí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀. Kí ẹsẹ̀ òsì tó kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí ti ń ti ìgbáròkó síwájú, bẹ́ẹ̀ ejìká àti ọwọ́ ṣì wà lẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn náà ni gìgísẹ̀ òsì gún ilẹ̀ níwájú, tí orúnkún rẹ̀ le gbagidi. Láti ìgbà tí gìgísẹ̀ yẹn bá ti kanlẹ̀ títí tí ọ̀kọ̀ á fi kúrò lọ́wọ́, ó máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ò tíì ṣẹ́jú, ó ti parí.

Láàárín àkókò kékeré yẹn, ìbàdí á kọ́kọ́ yí wìì, á dé góńgó eré rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bó ṣe ń falẹ̀ ni àyà àti ejìká ń yára sí i. Ejìká náà á falẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ á gbà á, ọwọ́ ló máa kẹ́yìn. Bó ṣe ń gòkè lọ, ẹ̀yà ara tó kàn máa ń fúyẹ́ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré jù ú lọ. Ohun tó yẹ kí orúkọ yín gbé jáde ni pé èyí tó wà lẹ́yìn ń dẹ̀rọ̀ kí èyí tó wà níwájú lè fò.

Físíìsì Lẹ́nu Iṣẹ́:
Ẹ̀yin Kọ́ọ̀ṣì, ẹ kú ìmọ̀. Ṣùgbọ́n kò le tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Eré tí ẹni náà sá bọ̀ ló ń wọ inú ọ̀kọ̀. Ẹ fi eré ìsáré kún eré apá, ó parí. "Àròpọ̀ eré" ni kí Atúmọ̀ kọ, ẹni tó bá sì sáré jù ni yóò jù ú jìnnà jù.

Kọ́ọ̀ṣì Àgbà:
Ọ̀rẹ́ mi, apá kan òótọ́ lẹ di mú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yín, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ ọkùnrin ni gíráàmù 800. Ká ní ẹni náà ń sáré mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tí eré yẹn nìkan fún ọ̀kọ̀ kò ju jùlù 14 àti díẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ń lọ ní nǹkan bíi mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára inú rẹ̀ sì jẹ́ jùlù 360. Níbo ni ìyókù ti wá?

Ẹ wá wo ara ẹni tó ń jù ú. Bó bá wọn kílógíráàmù 90, tó sì ń sáré mítà 6 yẹn, agbára tó wà lára òun fúnra rẹ̀ jẹ́ jùlù 1,620. Inú ara ni ìṣúra wà. Ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣí i: ó dá apá ìsàlẹ̀ ara dúró lójijì, ti òkè kò sì tíì dúró, ó ń yí lórí ẹsẹ̀ yẹn lọ síwájú. Kì í ṣe gbogbo jùlù yẹn ló ń dé ọ̀kọ̀ o. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ṣòfò sínú ilẹ̀ àti sínú iṣan ẹsẹ̀. Àwọn iṣan ìbàdí, ikùn àti ejìká náà sì ń dá tiwọn, wọn kì í kàn ṣe ojú ọ̀nà tí agbára ń gbà kọjá.

Nítorí náà, ẹni tó bá sáré ju ohun tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lè dá dúró, ọ̀kọ̀ rẹ̀ kò ní jìnnà. Orúnkún á tẹ̀, ìbàdí á máa bá a lọ síwájú, ohun tó yẹ kó gòkè á sì tú síbi orúnkún. Mo ti rí ọmọ tó dín eré rẹ̀ kù tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ sì lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ eré nìkan ni, àwọn tó ń sá mítà 100 ni ì bá máa kó gbogbo wúrà ọ̀kọ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì (Houston):
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ agbára yìí, ẹ bá mi dá sí tèmi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ń ju bọ́ọ̀lù besibọ́ọ̀lù. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń dùn ún, apá inú. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní apá rẹ̀ ni kò lágbára, kó máa gbé irin. Oúnjẹ wo ni mo lè máa fún un tí apá rẹ̀ á fi le?

Kọ́ọ̀ṣì Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ nìyí. Ẹ dá bọ́ọ̀lù jíjù dúró ná, kẹ́ ẹ sì mú un lọ rí dókítà eegun. Lọ́jọ́ orí rẹ̀, ibi tí eegun ti ń dàgbà ní inú ìgbọ̀nwọ́ kò tíì le, jíjù lájùjù lè bà á jẹ́. Irin kọ́ ló kàn.

Tí dókítà bá wá ní kó padà, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ mú kó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dá a dúró níbi tí ẹsẹ̀ iwájú ti kan ilẹ̀. Ẹ wo ìdè bẹ́líìtì rẹ̀ àti àyà rẹ̀. Ó yẹ kí ìdè bẹ́líìtì ti máa yíjú sí ibi tó ń ju bọ́ọ̀lù sí, kí àyà ṣì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Bí méjèèjì bá yí pa pọ̀ bí ìlẹ̀kùn, ìbàdí kò ní rí nǹkan kan gbé fún ejìká. Apá nìkan ni yóò wá san gbèsè náà, inú ìgbọ̀nwọ́ ló sì ti máa ń san án. Iṣan tó di eegun mú níbẹ̀ ni dókítà Frank Jobe tún ṣe fún Tommy John, tó ń ju bọ́ọ̀lù besibọ́ọ̀lù, lọ́dún 1974, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà níbi tí ẹ wà yẹn títí dòní.

Ìyá Ìbejì (Houston):
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti ní fídíò lọ́wọ́. Lójú tèmi, ohun gbogbo ń yí lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Onímọ̀ Ọ̀rọ̀:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ. Mo gbà pé "ẹ̀wọ̀n" kò dára, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀wọ̀n ìjọba. Bí o bá fa ẹ̀wọ̀n, gbogbo ojú rẹ̀ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ Kọ́ọ̀ṣì ní ọ̀kan gbọ́dọ̀ falẹ̀ kí ìkejì tó yára. Pàṣán ló wá sí mi lọ́kàn: ọwọ́ dúró, ẹnu rẹ̀ ta. "Ìtapàṣán ara" ńkọ́?

Físíìsì Lẹ́nu Iṣẹ́:
Pàṣán kò ní iṣan. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ikùn àti ejìká ń dá tiwọn ni. Ohun kan tún wà: Atúmọ̀ kọ "ipá" níbì kan, "agbára" níbòmíràn. Ipá kì í rìn. Ojú oríkèé tí ẹ̀yà ara méjì ti ń fa ara wọn ló ti ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Agbára ni èyí tó ń kúrò lára ìkan bọ́ sára ìkejì. Nítorí náà mo fara mọ́ "ìtàtaré agbára". Mo sì ti fa "àròpọ̀ eré" mi sẹ́yìn.

Onímọ̀ Ọ̀rọ̀:
Èmi ò tíì fa pàṣán mi sẹ́yìn. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù látaré ló mọ̀ pé òun ń ta á. Ṣé ìbàdí ló ń dá ara rẹ̀ dúró, tó wá ta agbára síwájú?

Kọ́ọ̀ṣì Àgbà:
Ìbéèrè tó ta kókó nìyẹn, àwọn tó ń wọn nǹkan wọ̀nyí pàápàá kò tíì fẹnu kò sí i. Àwọn kan ní iṣan tó wà lódìkejì ló ń fà á dúró. Àwọn mìíràn ní apá tó ń sáré lọ síwájú ló ń ti àyà sẹ́yìn, àyà sì ń ti ìbàdí, nítorí pé ohun tó bá ti nǹkan síwájú, nǹkan náà á ti òun náà sẹ́yìn. Èmi fara mọ́ èyí kejì jù. Bí mo bá sọ fún ọmọ pé kó dá ìbàdí rẹ̀ dúró, ó máa ń dá a dúró kí ejìká tó gbéra, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo máa ń sọ pé kó le.

Ẹ wo Julius Yego ará Kẹ́ńyà, tó fi fídíò orí Yútúùbù kọ́ ọ̀kọ̀ jíjù. Ó ju mítà 92.72 ní Bẹ́jíìnì lọ́dún 2015, ó sì gba wúrà àgbáyé. Ó sábà máa ń ṣubú síwájú lẹ́yìn tó bá ti jù ú. Àwọn ọmọ ń sín in jẹ, wọ́n rò pé ìṣubú yẹn ni oògùn. Ẹsẹ̀ òsì ló ti kọ́kọ́ dúró, ìṣubú ń tẹ̀ lé e ni. Ọmọ tí ìṣubú tiẹ̀ bá ṣáájú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á rẹlẹ̀ ju ejìká lọ, imú ọ̀kọ̀ á gbòkè, á já lulẹ̀ nítòsí.

Atúmọ̀:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. "Ìtàtaré agbára" ni n ó kọ fún olóòtú, n ó sì fi ìdè bẹ́líìtì àti àyà yẹn síbẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó ní fóònù. Ó ku ẹsẹ̀ òsì yẹn. Mo kọ "ẹsẹ̀ ìdènà".

Onímọ̀ Ọ̀rọ̀:
Ìdènà ni ti ẹni tó dúró sójú ọ̀nà ẹlòmíràn. "Ẹsẹ̀ ìgúnlẹ̀" sàn jù.

Kọ́ọ̀ṣì Àgbà:
Búréèkì ni àwọn ọmọ mi ń pè é. N kò fẹ́ràn rẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ búréèkì á máa fi ara rẹ̀ dúró tòkètilẹ̀. "Ìgúnlẹ̀" náà kò sọ pé orúnkún gbọ́dọ̀ le.

Físíìsì Lẹ́nu Iṣẹ́:
"Ẹsẹ̀ agúngbagidi" ńkọ́?

Onímọ̀ Ọ̀rọ̀:
Ó gùn jù, ọmọ kíláàsì kẹta kò ní lè pè é lórí pápá. Ẹ jẹ́ kí n sùn lé e.