Gírépífáìnì: ṣé òfófó ni ká pè é, àbí ẹ̀bùrú?

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ òwò, Ṣàgámù:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìbéèrè onídàáhùn kúkúrú fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀kan ní kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀nà tí iléeṣẹ́ là sílẹ̀ fún ìròyìn àti gírépífáìnì, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ń gbà gbé ìròyìn kiri; máàkì méjì ni. Èkejì ní kí wọ́n dárúkọ ìdènà kan tí kì í jẹ́ kí ìròyìn yéni bó ṣe yẹ. Ṣé kí n kọ "òfófó" síbi gírépífáìnì?

Oníṣòwò kan, Ìbàdàn:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kọ́ àwọn ọmọ ní òfófó. Òfófó ló lé mi kúrò níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí a jọ ń jẹun ló lọ bá ọ̀gá pé mo ń wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ ló ń béèrè. Àjàrà ni igi tí gírépífáìnì ń tọ́ka sí lédè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ nínú Bíbélì wa, nítorí náà "okùn àjàrà" tó. Ìgbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ta wáyà tẹligíráàmù láti igi dé igi.

Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta:
Àbúrò, ti wáyà yẹn súnmọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n 1861 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, orúkọ yìí sì ti wà nínú ìwé ṣáájú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ Ṣàgámù tó bá ka "okùn àjàrà" á rò pé ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ni.

Olùkọ́, ẹ má kọ òfófó. Òfófó ni ohun tí ọ̀rẹ́ ìyáàfin yẹn ṣe: ó gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ síbi tí yóò ti pa á lára. Àhesọ náà kò bá a mu, torí ọ̀rọ̀ tí a kò tíì rídìí ni àhesọ, ẹrù ni. Ọ̀nà tí ẹrù ń gbà kọjá ni a ń wá orúkọ fún, ẹrù tó bá sì gba ibẹ̀ lè jẹ́ òótọ́.

Níbi tí mo ti fẹ̀yìntì, ọ̀gá pinnu ní ọjọ́ Ajé pé kí ẹ̀ka àkọsílẹ̀ kó lọ sí ilé kejì. Akọ̀wé tẹ lẹ́tà náà, awakọ̀ sì gbé e lọ fún ìfọwọ́sí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá oníṣáì ti mọ ẹ̀ka tó ń lọ àti ọjọ́ tí wọn yóò kó. Méjèèjì tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí: "wọ́n ń kó wọn lọ" ti di "wọ́n ń kó wọn dànù". Nígbà tí ìwé fi máa dé ara pátákó ní ọjọ́ Ẹtì, "àtúntò" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ "dànù" ka àtúntò, ó ní orúkọ tí wọ́n fún ìdádúró nìyẹn. Olùkọ́, ìdènà tí ẹ lè bi àwọn ọmọ nìyẹn: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì. Ìdákẹ́jẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ló jẹ́ kó ta gbòǹgbò.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń sọ ọ́. Keith Davis ṣe ìwádìí láàrin àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Ọ̀gá kan fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. 81 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́, 11 péré ló sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn díẹ̀ yẹn ni ọ̀nà náà.

Èmi á pè é ní "ẹ̀bùrú ìròyìn", kí ti iléeṣẹ́ sì máa jẹ́ "pópó ìròyìn". Ẹ̀bùrú ni ẹsẹ̀ èèyàn là fúnra rẹ̀, tó sì yá ju títì lọ.

Olóòtú ìwé, Ìbàdàn:
Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ẹnì kan yọ sí mi lẹ́bùrú, àyà mi á já. Ẹ̀bùrú ní ìbúba nínú. "Ọ̀nà àtẹnudẹ́nu" ni mo fara mọ́.

Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta:
Mo gbà pé ìbúba wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí ọ̀gá pè, ṣé kì í ṣe ẹnu ni? Pópó sì ni. Ẹ̀ẹ̀wẹ̀, ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wọ́sáàpù, kíkọ ni, síbẹ̀ ẹ̀bùrú ni. Ẹni tó là á ló fi yàtọ̀, kì í ṣe ẹnu tàbí ìwé.

Olùkọ́, Ṣàgámù:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Màá kọ "ẹ̀bùrú ìròyìn", màá sì fi gírépífáìnì tì í. Ọmọ tó bá sọ pé iléeṣẹ́ ló la pópó, àwọn òṣìṣẹ́ ló la ẹ̀bùrú, ó gba máàkì méjì. Ẹni tó bá kọ "irọ́ ni ẹ̀bùrú" kò gba nǹkan kan. Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni ọmọ tó bá kọ "àtẹnudẹ́nu" nìkan: ṣé kí n fún un ní ọ̀kan?