Ọtí àmujù dá iná sí òkè ikùn àbúrò mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti mu ọtí líle àmujù ni òkè ikùn rẹ̀, nísàlẹ̀ àyà gan-an, ti ń ta á bí ata. Dókítà ní ọtí ló bó awọ inú àpò oúnjẹ rẹ̀. Ó ní kó máa lo omẹpirasóòlù, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, kó sì jìnnà sí ọtí àti oògùn ìrora ayibupurofẹ́ẹ̀nì. Kò bì ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì dúdú; bí èyíkéyìí bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ìrẹsì rírọ̀ díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà. Wàrà máa ń tù ú, àmọ́ kì í pẹ́ tí ìjóná náà fi ń padà. Ṣé kó jáwọ́ nínú wàrà mímu? Ẹ̀yin tí ẹ ti ní irú rẹ̀, báwo lẹ ṣe padà sí oúnjẹ aláta?