Mo gba 34 nílé, mo gba 24 lọ́dọ̀ tísà. Ẹ gbà mí o, ará Èkìtì!

Ìyá Tolú (Leeds): Ẹ kú ilé o. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS mi ku oṣù mẹ́ta, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ní apá ìgbọ́, 34 nínú 40 ni mò ń gbà nílé. Lánàá, tísà kan gbé ìdánwò tí mi ò rí rí fún mi, 24 ni mo gbà. Mo sì ti ń yangàn fún bàbá Tolú! Ibo ni 10 yẹn wọlẹ̀ sí? Àròkọ mi ńkọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń dára sí i lóòótọ́?

Ọmọ Olósùnta (Manchester): 10 yẹn ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ìdánwò mélòó lẹ ní?

Ìyá Tolú: Ẹyọ kan ni, ìdánwò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Àwọn náà ni mò ń yí po látoṣù tó kọjá.

Ọmọ Olósùnta: Ó tán. Ohun tó jẹ́ kí n san owó ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tépù kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ti há ìdáhùn sórí.

Bàbá Ìbejì (Houston): Mi ò gbà. Àgbọ́túngbọ́ ló là mí létí. Bí àwọn èèyàn yìí ṣe ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì, tépù kan náà ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Olósùnta: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ lẹ fi kọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn fi èyí tẹ́ ẹ fi kọ́ ẹ̀kọ́ wọn ara yín. Ìyá Tolú, ẹ ra ìwé mìíràn, kẹ́ ẹ ya ìdánwò mẹ́ta sọ́tọ̀, ẹ má ṣí wọn. Ọ̀kan fún ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀kan fún ìkẹjọ, ọ̀kan fún ìkejìlá. Ẹ jókòó ṣe é láìdá tépù dúró, láìdá a padà, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò gbé e sí i fún yín lọ́jọ́ náà. 24 lẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 34. Tó bá jẹ́ báńdì 7 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ máa lé nǹkan bí 30 nínú 40.

Bàbá Ìbejì: Tó bá gba 26 lọ́sẹ̀ kẹrin ńkọ́?

Ọmọ Olósùnta: Kó má tíì jó. Ìdánwò kan lè rọrùn ju èkejì lọ, 2 péré ò tó ẹ̀rí. Tí ìkẹjọ náà bá tún lọ sókè, a jẹ́ pé ó ń lọ nìyẹn. Ẹ mú 16 tẹ́ ẹ pàdánù lánàá, kẹ́ ẹ kọ ohun tó fà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Yèyé Dublin: Ṣé tẹlifóònù ilé ìwòsàn lẹ ń sọ? Èmi ń fi áàpù kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́, n kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Tí dókítà bá pè, ọmọ ọmọ mi ni mò ń gbé e fún síbẹ̀.

Ìyá Tolú: 😂 Yèyé! Mo ti wò ó o. Méje ni mo gbọ́ dáadáa, àmọ́ mo ṣì í kọ, ọ̀pọ̀ jẹ́ lẹ́tà s tí mo gbé jù sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Márùn-ún, mo ṣì ń kọ ìdáhùn kan lọ́wọ́ tí tépù fi kọjá èkejì. Mẹ́rin péré ni mi ò gbọ́ rárá.

Ọmọ Olósùnta: Ẹ rí i! Etí yín ò burú. Àfojúsùn oṣù kìíní ni kí méje yẹn di méjì. Lẹ́tà s tẹ́ ẹ bá gbàgbé, wọn ò ní fún yín ní máàkì kankan níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Àròkọ wá ńkọ́? Kó ṣáà ti pé 250 ọ̀rọ̀.

Ṣadé Toronto: Ẹ̀gbọ́n, èyí tó gùn lè má nítumọ̀. Mo kó àròkọ oṣù kìíní àti ti oṣù kẹta fún tísà mi, mo yọ déètì kúrò, mo dà wọ́n pọ̀, mo ní kó tò wọ́n látorí èyí tó dáa jù. Ti oṣù kìíní ló fi ṣe àkọ́kọ́! Ọ̀rọ̀ ńláńlá ni mo ti ń kó jọ látìgbà yẹn.

Ìyá Tolú: Yéè. Kí lo wá ṣe?

Bàbá Ìbejì: Ẹ ò rí i pé ọmọ Ìkéré ló ń kọ́ gbogbo wa ní ìṣirò lónìí? Àwa ọmọ Adó ti sùn.

Ọmọ Olósùnta: Ẹ ti sùn tipẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní òkúta bíi tiwa ni?

Ṣadé Toronto: Ìkọ̀lé ló ni iyán, ẹ jẹ́ ká sinmi ariwo.

Yèyé Dublin: Ta ló dárúkọ iyán? Èlùbọ́ funfun tí mo rò lánàá ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu, kò sì ní ariwo odó. Iyán Èkìtì dà!

Ọmọ Olósùnta: Ẹ wá sí Manchester, Yèyé, a ní odó. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ló máa ń kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Tolú: Leeds náà ní odó o! Ṣadé, o ò tíì dá mi lóhùn lórí àròkọ.

Bàbá Ìbejì: Ó ti lọ wá ẹ̀fọ́.